Téeméer Kì Í Ṣe Ọgọ́rùn-ún Lọ́jà Dakar

Ọlọ́mọlanke kan ló kọ́kọ́ gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ mi. Ó fẹ́ bá mi ti ẹrù láti ọjà HLM jáde sí títì, ó ní owó rẹ̀ jẹ́ ñetti téeméer. Mo ti há òǹkà Wolof, èdè tí wọ́n ń sọ ní Senegal, sórí kí n tó wọ Dakar: ñett ni mẹ́ta, téeméer ni ọgọ́rùn-ún. 300 sẹ́fà nìyẹn, mo gbà. Nígbà tí a débẹ̀, mo na 300 sí i, ló bá fárígá: 1,500 ló ń béèrè. Àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀ náà gbè é lẹ́yìn. Mo san án, inú mi ń ru, mo ní torí pé mo jẹ́ àlejò ni wọ́n ṣe rẹ́ mi jẹ.

Wọn ò rẹ́ mi jẹ. Ìwé tí mo fi há òǹkà ni kò sọ bí wọ́n ṣe ń ka owó.

Ẹni tó bá ń sọ Wolof kì í ka sẹ́fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dërëm ló ń kà, dërëm kan sì jẹ́ sẹ́fà 5. Ohun tó ń múni ṣìnà ni pé wọn kì í sábà dárúkọ dërëm náà, nọ́ńbà nìkan ni wàá gbọ́. Fukk, ìyẹn mẹ́wàá, di 50 sẹ́fà. Téeméer di 500. Junni, tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún, di 5,000. Kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu: láti 1973 ni náírà ti dé, síbẹ̀ àwọn ìyá wa ṣì ń pe náírà méjì ní pọ́n-ùn kan.

Kí n tó ti orí sọ ọ́ di márùn-ún-márùn-ún, ọlọ́jà á ti yí ojú sí oníbàárà mìíràn. Ọ̀nà tó gbà mí ni èyí: nọ́ńbà tí o bá gbọ́, fi òdo kan kún un, kí o sì pín in sí méjì. Téeméer, 100, á di 1,000. Ìdajì rẹ̀ ni 500. Tí ìwọ lo bá fẹ́ dárúkọ iye, yí i padà: sọ owó náà di ìlọ́po méjì, kí o yọ òdo kan. 750 á di 1,500, á wá ku 150, ìyẹn téeméer ak juróom-fukk.

Juróom yẹn, tó jẹ́ márùn-ún, náà fi ojú mi rí màbo. Láti mẹ́fà dé mẹ́sàn-án, márùn-ún ni wọ́n ń fi nǹkan kún: juróom-benn ni mẹ́fà, juróom-ñaar ni méje. Oníṣòwò aṣọ á sọ pé juróom-ñaari téeméer, etí àlejò á gbọ́ juróom, á gbé 2,500 kalẹ̀. 3,500 ni obìnrin yẹn pè. Má dáhùn títí wọn ó fi dé orí téeméer. Lẹ́yìn náà ni kí o tó sọ pé "Dafa seer", ó wọ́n, kí o fi "Waññi ko" tì í, dín in kù. Tó bá ní "Waxaaleel", ó ń sọ pé kí o ná an nìyẹn, ọjà ò tíì bàjẹ́.

Owó nìkan ni ìlọ́po márùn-ún yìí wà fún o. Ọsàn fukk, ọsàn mẹ́wàá ni. Owó tí wọ́n bá sì fi Faransé pè, bó ṣe jẹ́ gan-an nìyẹn. Ní ọ́fíìsì kan, akọ̀wé fi Faransé sọ fún mi pé 500 ni. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu pé mo mọ̀ ọ́n, mo ka 2,500 kalẹ̀. Ó dá ìyókù padà, ó rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí ju ti ọlọ́mọlanke lọ.

Ìkíni ò fún mi ní wàhálà, kò sí ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tó ń yí ìtumọ̀ padà nínú Wolof. Èyí tí mi ò tètè fura sí ni orúkọ ìdílé. "Naka nga sant?" làwọn aládùúgbò ń béèrè, orúkọ ìdílé yẹn ni wọ́n á sì máa fi kí ọ láàárọ̀. Tèmi gùn jù lẹ́nu wọn, ni ìyá tó ń ta búrẹ́dì lójúde wa bá sọ mí ní Ndiaye. Diop ni òun, Diop àti Ndiaye sì máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà náà, tí mo bá ní búrẹ́dì rẹ̀ wọ́n, á ní Ndiaye ò mọ̀ ju oúnjẹ lọ, á wá dín in kù ní juróom: sẹ́fà 25.