Ẹ Má Fi Bírò Pupa Bẹ̀rẹ̀ Àròkọ Oníròyìn

Àṣìṣe tó ń ba máàkì àròkọ oníròyìn jẹ́ jù lọ ni kí olùkọ́ máa fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Kó tó dé ìparí, àmì ohùn àti sípẹ́lì ló ti kà, kò ka ìtàn rárá. Àní nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ààyè ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Nínú máàkì 50 tí àròkọ ní níbẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ ní 10, ètò ní 10, ìlò èdè ní 20, gírámà àti sípẹ́lì ní 10. Ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kan, wọn kì í sì í yọ ju 10 yẹn lọ.

Ká ní ọmọ kan ní kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, níbí n'Ìbàdàn, kọ àròkọ lórí ọjọ́ tí kò lè gbàgbé. Ìyá rẹ̀ fún un ní 5,000 náírà kó fi ra èlùbọ́ ní Bódìjà. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ ti ya, ló bá ki owó bọ àpò àyà. Ó wọ máíkírà l'Ọ́jọ́ọ̀, wọ́n há a mọ́ra lẹ́yìn, ó nà síwájú láti gba ṣéńjì. Ó sọ̀ ní Bódìjà, kò rí owó mọ́. Lẹ́yìn náà ó dúró wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ó padà s'Ọ́jọ́ọ̀ lọ wá awakọ̀, onítọ̀hún ní òun ò rí nǹkan kan. Ìlà tó kẹ́yìn wá sọ pé: "Lójijì mo ta jí. Àlá ni."

Ká ní máàkì 20 ni a yà sọ́tọ̀ fún ìtàn náà. Olùkọ́ tó fi bírò pupa kà á lè fún un ní 8 nínú 20 yẹn, nítorí àmì ohùn tó fò. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni ká kà á tán láìmú bírò, ká wá pín 20 náà báyìí: àhunpọ̀ ìtàn 8, àlàyé tó ń fojú ẹni rí nǹkan 7, ìparí 5. Ká dá ti èdè ṣírò lọ́tọ̀.

Ní ti àhunpọ̀, ẹ wá gbogbo ibi tó kọ "lẹ́yìn náà", kí ẹ wò ó bóyá "nítorí náà" lè rọ́pò rẹ̀. Àpò ya, nítorí náà owó wọ àpò àyà. Ó nà síwájú, nítorí náà owó já bọ́. Ìyẹn so pọ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀lù nìkan ni kò bí nǹkan kan, kò sì sí ohun tó bí i. Mo yọ 2, ó ku 6.

Ibi àlàyé ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹwàrẹwà ń tàn wá. Ọmọ tó kọ pé "ọjà náà kún fọ́fọ́, ó rẹwà gan-an, ó sì dùn ún wò" kò tíì fi Bódìjà hàn wá. Gbólóhùn yẹn bá ọjà yòówù mu. Àpò tó ya àti ìhámọ́ra ẹ̀yìn máíkírà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, àmọ́ a rí wọn, wọ́n sì ṣiṣẹ́ nínú ìtàn. Bí a bá yọ wọ́n, owó kò ní sọnù. Mo fún un ní 5, nítorí pé ọjà fúnra rẹ̀ kò hàn sí wa.

Ìparí rẹ̀ gba 1. Àlá yẹn pa ẹjọ́ tó ń dúró dè é nílé rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tún tìtorí àlá yọ máàkì àhunpọ̀. Ẹ ti fìyà jẹ ẹ́ níbi tó yẹ. Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ 12. Ká ní ó dúró níbi tí ìyá rẹ̀ ti na ọwọ́ pé kó gbé èlùbọ́ wá, tó sì wá ń fi àpò ṣòkòtò tó ya hàn án, mi ò ní fún un ní ohun tó dín ní 4.

Àwọn ọmọ wa tún fẹ́ràn láti fi ẹ̀kọ́ tàbí òwe parí ìtàn, olùkọ́ á sì fún wọn ní máàkì kíkún torí pé òwe náà bá a mu. Ẹ fi ọwọ́ bo ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn. Bí ìtàn kò bá pàdánù nǹkan kan, ìpínrọ̀ yẹn kì í ṣe ìparí. Bí ìbéèrè bá sì pàṣẹ gbólóhùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi parí, ẹ má fún ọmọ ní máàkì torí pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ nìkan. Ohun tí ẹ máa wò ni bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣáájú ló gbé gbólóhùn náà dé.