Dráìfù C Tó Kún Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Ṣe Fídíò Ayẹyẹ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí, Premiere Pro ni mo sì fi ń tò wọ́n lórí láptọ́ọ̀pù Windows mi. Dráìfù C rẹ̀ jẹ́ 256 GB, ó ti pọ́n, 3 GB péré ló kù. Mo ti pa fọ́tò púpọ̀ rẹ́, kò sì yí padà. Kí ló ń jẹ ààyè náà?

Ìdáhùn: Ẹ kúuṣẹ́. Ó ṣòro kí ó jẹ́ pé fọ́tò ló fa èyí. Fọ́tò JPEG tí káàmẹ́rà yà kì í sábà ju 10 MB lọ, nítorí náà bí ẹ bá pa ọgọ́rùn-ún rẹ́, nǹkan bí 1 GB ni ẹ rí gbà padà, ẹ kò sì tíì rí i gbà rárá bí wọ́n bá ṣì wà nínú Recycle Bin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa ohunkóhun rẹ́ mọ́ títí ẹ ó fi mọ ibi tí ẹrù náà wà, nítorí pé ohun tí a fi ìkánjú pa rẹ́ kì í sábà jẹ́ ohun tó kún dráìfù, ó sì lè jẹ́ ohun tí oníbàárà máa béèrè lọ́la.

Ẹ lè kọ́kọ́ ṣí Settings, kí ẹ wọ System, kí ẹ sì wọ Storage. Ojú ìwé yẹn á pín ààyè náà sí ẹ̀ka fún yín. Ó dára fún ìwòye lásán, ṣùgbọ́n kò ní tọ́ka sí fódà kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti nílò rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní WinDirStat ni mo fẹ́ kí ẹ lò. Ẹ fi Run as administrator ṣí i, kí ó lè wọ inú àwọn fódà tí Windows fi pamọ́, kí ẹ sì yan dráìfù C nìkan. Yóò to gbogbo fódà láti èyí tó tóbi jù sí èyí tó kéré jù. Ẹ máa ṣí èyí tó wà lókè pátápátá, kí ẹ tún ṣí èyí tó wà lókè nínú rẹ̀, títí ẹ ó fi dé orí fáìlì gan-an. Ẹ kọ àwọn tó tóbi sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.

Ìbéèrè: Ohun tí mo rí nìyí. Windows àti àwọn ètò jẹ́ 60 GB, fódà kan tó ń jẹ́ Media Cache Files jẹ́ 48 GB, Adobe Premiere Pro Video Previews jẹ́ 31 GB, fídíò àtilẹ̀wá ti ìgbéyàwó mẹ́ta jẹ́ 74 GB, Downloads jẹ́ 9 GB, hiberfil.sys jẹ́ 6 GB. WhatsApp náà jẹ́ 6 GB. Èwo ni mo lè pa rẹ́ láìsí ewu?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ro ó pọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 234 GB, ó sì ku 3 GB, èyí tó jẹ́ 237 GB. Ẹ lè bi mí pé níbo ni ìyókù 256 náà wà. Bílíọ̀nù kan báìtì ni ilé iṣẹ́ tó ṣe dráìfù ń pè ní 1 GB, ṣùgbọ́n 1,073,741,824 báìtì ni Windows ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí náà 256 tiwọn di nǹkan bí 238 lójú Windows, ó sì tún yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ara rẹ̀. Níwọ̀n bí iye tí ẹ kọ ti bá ti dráìfù mu, kò sí ẹrù tó ṣì fara pamọ́ fún wa.

Media Cache Files ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀ jù. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá kó fídíò wọ inú Premiere, ó máa ń ṣe ẹ̀dà ohùn rẹ̀ sí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .cfa, ó sì máa ń ya àwòrán ìgbì ohùn náà sí fáìlì .pek, kí fídíò lè máa lọ geerege nígbà tí ẹ bá ń tò ó. Abẹ́ AppData ni ó ń kó wọn sí, fódà tí Windows kì í fi han ènìyàn lójú lásán, kì í sì í kó wọn kúrò fúnra rẹ̀ àfi bí ẹ bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó tí ẹ ti kó fún oníbàárà láti ọdún tó kọjá ṣì lè ní ẹ̀dà ohùn níbẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ti pa fídíò rẹ̀ rẹ́. Kò sí ewu nínú kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù, torí pé Premiere yóò tún èyí tó bá nílò ṣe nígbà tí ẹ bá ṣí iṣẹ́ náà. Ohun tí yóò ná yín kò ju pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí i yóò falẹ̀ díẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ pa fódà náà rẹ́ láti ìta. Ẹ pa Premiere dé, kí ẹ tún un ṣí láìṣí iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀, kí ẹ wọ Edit, Preferences, Media Cache, kí ẹ sì tẹ Delete. Yóò bi yín bóyá àwọn tí a kò lò mọ́ nìkan ni kí òun pa rẹ́ tàbí gbogbo wọn. Gbogbo wọn ni kí ẹ yàn. Lójú ìwé yẹn kan náà, ẹ lè ní kí ó máa pa èyí tó ti pẹ́ rẹ́ fúnra rẹ̀, èmi ì bá sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a óò tún padà síbí kí ọdún tó yí po.

Video Previews ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí Premiere ti sè sílẹ̀ fún yín láti wò. Fún iṣẹ́ tí ẹ ti kó fún oníbàárà, ẹ lè pa á rẹ́. Fún iṣẹ́ tí ẹ ṣì ń ṣe lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kí a sọ pé 24 GB nínú 31 náà ni ti iṣẹ́ tó ti parí. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ o: fáìlì .prproj ni iṣẹ́ yín gan-an, fódà Adobe Premiere Pro Auto-Save sì ni ẹ̀dà ìgbàlà rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò gba ààyè tó nǹkan, nítorí náà ẹ kò ní jèrè kankan nínú pípa wọ́n rẹ́.

Downloads àti WhatsApp, ọwọ́ ni ẹ máa fi ṣà wọ́n. Bí ẹ bá lo Temporary files nínú Settings láti kó pàǹtírí Windows, ẹ máa rí i pé Downloads wà lára ohun tí wọ́n tò síbẹ̀. Ẹ má ṣe fàmì sí i, nítorí pé orin tí ìyàwó yàn àti àwọn àwòrán tí ẹbí fi ránṣẹ́ lè wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n pa hiberfil.sys rẹ́ pẹ̀lú àṣẹ kan, kí n sì wọ WinSxS lọ kó o dànù.

Ìdáhùn: Ẹ má fọwọ́ kan WinSxS rárá, ara Windows ni, bí ẹ bá sì fi ọwọ́ yọ nǹkan nínú rẹ̀, ìmúdójúìwọ̀n tó ń bọ̀ lè kọ̀ láti wọlé, tàbí kí Windows má tilẹ̀ tàn mọ́. Hiberfil.sys ṣeé mú kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kò ní mú un kúrò bí mo bá wà nípò yín. Nígbà tí iná bá lọ, tí bátìrì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, inú fáìlì yẹn ni Windows ń kó gbogbo ohun tó ṣí sílẹ̀ sí kí ó tó sùn. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Òṣogbo. Nítorí 6 GB, ẹ lè pàdánù iṣẹ́ tí ẹ kò tíì tọ́jú.

Ìbéèrè: Ó dáa. Ṣé mo tún nílò dráìfù àfikún báyìí? Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ, iṣẹ́ máa ń pọ̀ nígbà náà.

Ìdáhùn: Bí ẹ bá yọ 48 àti 24, tí ẹ sì fi 3 tó kù kún un, ẹ ní 75 GB. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí káàmẹ́rà yín bá ń ya fídíò ní 50 Mbps, wákàtí kan jẹ́ 22.5 GB, wákàtí mẹ́ta ìgbéyàwó kan sì ti di 67.5 GB. Iṣẹ́ kan ṣoṣo yóò tún sọ dráìfù náà di pupa. Bí ó bá jẹ́ 100 Mbps ni ẹ ń yà, kò ní gba wákàtí mẹ́ta rárá. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ nílò rẹ̀, nítorí pé ohun tó kù nísinsìnyí jẹ́ iṣẹ́ gidi tí kò ṣeé pa rẹ́.

Bí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ méjì lóṣù, 135 GB ni, èyí tó súnmọ́ 1.6 TB lọ́dún. Dráìfù 2 TB yóò gbé yín fún nǹkan bí ọdún kan. SSD yára, kò sì ní ohun tó ń yí nínú rẹ̀, torí náà kì í tètè bàjẹ́ bí ó bá já bọ́. HDD lọ́ra, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbé e nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó kan náà yóò ra ààyè tó pọ̀ ju ti SSD lọ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé HDD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, fún iṣẹ́ tó ti parí. Bí 74 GB yẹn bá kúrò lórí C, ẹ ó ní nǹkan bí 149 GB, èyí tó tó láti máa to ìgbéyàwó kan lẹ́ẹ̀kan náà lórí SSD inú láptọ́ọ̀pù, níbi tó ti yára jù.

Ẹ sá fún èyí tí wọ́n kọ 16 TB sí lára tí owó rẹ̀ sì kéré. Wọ́n ti tan ẹ̀rọ inú rẹ̀ láti purọ́ nípa ìwọ̀n ara rẹ̀, yóò sì máa gba fáìlì láìkọ̀, orúkọ wọn yóò hàn, ṣùgbọ́n wọn kò ní ṣí. Kí ẹ tó kó ohunkóhun sí dráìfù tuntun, ẹ fi H2testw dán an wò: yóò kọ ọ́ kún pátápátá, yóò sì kà á padà. Fún HDD 2 TB, ó lè gba bí wákàtí mọ́kànlá, nítorí náà ẹ ṣe é nígbà tí iná bá dúró. Bí ẹ kò bá rí Test finished without errors, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí Windows nìkan ni ẹ ń lò, NTFS ni kí ẹ fi ṣètò rẹ̀; FAT32 kò lè gba fáìlì kan tó tó 4 GB.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa kó wọn lọ láìsọ nǹkan nù?

Ìdáhùn: Ẹ má lo Cut. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí fódà yín bá ń jẹ́ Fidio, tí dráìfù tuntun sì jẹ́ E, ẹ ṣí Command Prompt kí ẹ tẹ èyí:

```
robocopy "C:\Fidio" "E:\Fidio" /E /R:2 /W:5
```

Bí ó bá parí, ẹ tún tẹ àṣẹ kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Nínú àtẹ tó wà nísàlẹ̀, lórí ìlà Files, òǹkà Copied àti FAILED gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, torí pé kò sí ohun tuntun tó kù láti kó. Ìwọ̀n àti àkókò fáìlì ni robocopy ń fi wé ara wọn, kì í ka inú wọn, nítorí náà ẹ ṣí fídíò díẹ̀ láti orí E, kí ẹ sì fò lọ sí ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá lọ dáadáa, ẹ lè pa ti C rẹ́. Ìgbéyàwó tí oníbàárà kò tíì gbà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wà lójú kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹ bá tún ṣí iṣẹ́ àtijọ́, Premiere yóò sọ pé òun kò rí fídíò náà. Ẹ tẹ Locate, kí ẹ tọ́ka sí E. Bí dráìfù náà bá ń yí orúkọ padà sí F nígbà tí ẹ bá ti fi fúláàṣì mìíràn síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹ wọ Disk Management, kí ẹ fún un ní lẹ́tà tó jìnnà bíi V, yóò sì dúró lórí rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù yẹn.