Ẹ yẹ pápá wò kí ẹ tó fi t rọ́pò x àti y
Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní Ifẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ íńtígírà ojú ìlà ∫ P dx + Q dy, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ∂P/∂y dọ́gba pẹ̀lú ∂Q/∂x. Bí wọ́n bá dọ́gba, tí pápá fẹ́kítọ̀ náà kò sì ní ihò, ìyẹn ojú ibi tí P tàbí Q kò ti ní iye, ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí nìkan ló ṣe pàtàkì, gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀ gíga ilẹ̀ láàárín Lágere àti Ẹnuwá kò ṣe yí padà, títì yòówù kí a gbà. Ẹ jẹ́ ká mú P = 2xy + 3 àti Q = x² + 2y, lórí ìlà y = sin(πx/4), láti (0, 0) dé (2, 1). Ìhà méjèèjì jẹ́ 2x, nítorí náà ẹ fi sáìnì yẹn sílẹ̀. Íńtígírà P ní ti x jẹ́ x²y + 3x. Bí a bá wá ∂/∂y èyí, x² nìkan ni yóò jáde, nítorí náà 2y ló kù nínú Q, òun ló sì mú y² wá. Ẹ má ṣe ka x²y lẹ́ẹ̀mejì, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nìyẹn. Nígbà náà f = x²y + 3x + y², ìdáhùn sì jẹ́ 4 + 6 + 1 = 11. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ihò: P = −y/(x² + y²) àti Q = x/(x² + y²) yege ìdánwò yìí, síbẹ̀ bí a bá yí oríta (0, 0) ká lẹ́ẹ̀kan ní òdìkejì ọwọ́ aago, 2π ni a óò rí, kì í ṣe 0.