Aṣọ gbóná ṣùgbọ́n kò gbẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀rọ tó ń fọṣọ tó tún ń mú un gbẹ

Ìbéèrè: Kílò 8 ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ mi. Mo kó aṣọ kílò 8 sí i, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, àmọ́ kò gbẹ.

Ìdáhùn: Kílò 8 yẹn, ti fífọ̀ ni. Ẹ ṣí ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá, ẹ máa rí nọ́ńbà kejì tó kéré sí i, bíi 5. Òun ni ti gbígbẹ. Aṣọ tó ń rin gbingbin máa ń ki mọ́ra wọn sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, àyè díẹ̀ ló ń gbà. Bó bá ti ń gbẹ ló ń wú, tó sì ń fẹ́ àyè tí yóò máa gbé ju ara rẹ̀ sókè sódò, kí atẹ́gùn gbígbóná lè ráyè kọjá láàárín rẹ̀. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé gbígbẹ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ní dúrọ́ọ̀mù tó tó lítà 100 tàbí tó lé. Ti ẹ̀rọ oníṣẹ́ méjì kéré sí i gan-an, nítorí dúrọ́ọ̀mù ìfọṣọ ni. Bí fífọ̀ bá ti parí, ẹ kó ìdajì aṣọ náà jáde, kí ẹ mú ìdajì tó kù gbẹ. Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí títí ẹnu ti ń ro mí, síbẹ̀ òun náà ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ní ẹ̀rọ òun bàjẹ́.

Ìbéèrè: Ṣẹ́ẹ̀tì gbẹ gan-an, àmọ́ táwẹ́ẹ̀lì ṣì lómi.

Ìdáhùn: Ẹ má kó wọn pọ̀. Aṣọ tó nípọn lọ́tọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́tọ̀.

Ìbéèrè: Mi ò fẹ́ kí aṣọ mi gbó kíákíá, yíyípo 800 ní ìṣẹ́jú kan ni mo máa ń fi ìfúnṣọ sí. Kí ló dé tó fi ń pẹ́ tó báyìí kó tó gbẹ?

Ìdáhùn: Omi tí ìfúnṣọ kò bá gbọ̀n dànù, hítà ló máa sè é kúrò, hítà sì lọ́ra níbi iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá fún aṣọ òwú kílò 5 ní 1400, nǹkan bíi lítà méjì ààbọ̀ omi ló máa ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ní 800, ó lè tó mẹ́ta ààbọ̀. Lítà kan tó lé yẹn ló ń jẹ àkókò yín. Ẹ fi sí ìwọ̀n tó ga jù tí aṣọ náà lè gbà.

Ìbéèrè: Nígbà tí mo yọ aṣọ jáde, ó dà bíi pé omi ṣì wà lára rẹ̀.

Ìdáhùn: Èéfín omi ni. Ẹ gbọn aṣọ náà, ẹ fi kọ́ fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè: Bí fífọ̀ bá ti parí ni mo máa ń ti ẹ̀rọ omi. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Ó burú. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí títí gbígbẹ náà yóò fi parí. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìdáhùn tó kàn.

Ìbéèrè: Aṣọ mi ò pọ̀, 1400 ni mo fi fún un, omi ń ṣàn. Wákàtí mẹ́rin, aṣọ gbóná bí ohun tó ti inú ìkòkò jáde, síbẹ̀ kò gbẹ. Ṣé hítà ló ti jó?

Ìdáhùn: Ká ní hítà ló jó ni, aṣọ yín ì bá jáde ní tútù. Ooru wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà tí omi yóò gbà jáde.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, fáànù máa ń fa atẹ́gùn olómi láti ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù gba inú ihò kan gòkè. Nínú ihò yẹn, omi tútù tín-ín-rín máa ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri rẹ̀. Bí atẹ́gùn olómi bá kan ibi tútù yẹn, omi inú rẹ̀ á di ẹ̀kán, á sì bá omi tútù náà lọ sídìí pọ́ǹpù. Atẹ́gùn tó ti gbẹ á wá kọjá lára hítà, á tún padà sínú aṣọ. Bí omi tútù yẹn ò bá sí, atẹ́gùn olómi kan náà ni yóò máa yí kiri, yóò máa gbóná sí i, aṣọ ò sì ní gbẹ.

Ẹ̀rọ tèmi fi èyí jẹ mí níyà fún oṣù méjì. Táwẹ́ẹ̀lì kílò 3 péré, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ó ṣì lómi. Omi ń kán láti etí àpótí ọṣẹ, ògiri ẹ̀yìn ẹ̀rọ ń làágùn. Oníṣẹ́ tí mo pè kò wo ibì kankan ju hítà lọ. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó gbowó, ó lọ. Kò sí ohun tó yí padà, ó sì dùn mí wọra.

Ọjọ́ kan ni mo yọ ẹnu họ́ọ̀sì tó ń da omi nù, mo ti í bọ inú korobá, mo sì tan gbígbẹ nìkan. Láàárín wákàtí kan, ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá yẹ kó ti da lítà mélòó kan sínú rẹ̀. Tèmi ò tó ife kan. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ibi tí mo máa wò.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo ti omi, mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Fáàfù tí omi ń gbà wọlé ní ẹnu mẹ́ta. Méjì ń lọ síbi ọṣẹ, ìkẹta ń lọ sí ihò tí mo sọ yẹn. Ẹnu ìkẹta yìí kéré bí ojú abẹ́rẹ́, iyanrìn sì ti dí i pa. Ìdí nìyẹn tí fífọ̀ fi ń lọ geere tí gbígbẹ ò sì lọ. Mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ korobá.

Mo rò pé ó parí, kò parí. Aṣọ gbẹ, àmọ́ ó gba wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Ní gbogbo àsìkò tí omi ò fi ṣàn, irun òwú tó ń jábọ́ lára aṣọ ò rí ohun tí yóò gbá a lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníṣẹ́ méjì ni kò ní asẹ́ tí ẹ lè fà yọ, omi yẹn ló yẹ kó máa gbá irun náà lọ sídìí pọ́ǹpù. Nígbà tí mo ṣí òkè ẹ̀rọ tí mo yọ ìdérí fáànù, irun òwú ti lẹ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀, ó nípọn bí fìlà òtútù. Mo fà á jáde odindi. Táwẹ́ẹ̀lì kílò 3 yẹn gbẹ ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 20.

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn gbígbẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, mo máa ń tan ìṣanṣọ láìkó aṣọ kankan sí i, mo sì máa ń nu inú rọ́bà ẹnu ọ̀nà àti asẹ́ pọ́ǹpù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ẹ̀rọ yín kí ẹ tó gbé korobá. Àwọn kan wà tí kì í lo omi láti fi mú atẹ́gùn tutù: nínú tiwọn, omi ara aṣọ nìkan ló máa jáde, àìtó rẹ̀ kò sì jẹ́ ẹ̀bi fáàfù.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ooru á wà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì lọ pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi wáyà so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ohun tó ń pa hítà pọ̀, kó má lè pa á mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò láéláé. Ohun yẹn ń pa hítà nítorí pé ooru ti pọ̀ jù, irun òwú sì wà nítòsí iná. Bí ẹ ṣe ń dáná sun ilé nìyẹn. Ibí ni iṣẹ́ yín parí sí, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kó tó tú nǹkan kan, ẹ sọ iye omi tó wọ korobá láàárín wákàtí kan fún un, kí ẹ sì ní kó ti ibi fáàfù àti fáànù bẹ̀rẹ̀. Bó bá ní hítà lòun máa kọ́kọ́ pààrọ̀, ẹ pe ẹlòmíràn.