Etí tó ń dun ọmọ lẹ́yìn odò

Ọkun o, ẹ̀yin òbí. Bí ọmọ bá wẹ̀ lódò lọ́jọ́ Sátidé, tí etí ń yún un lọ́jọ́ Ajé, tó sì ń dùn ún bó bá ń jẹun lọ́jọ́ kejì, ẹ rọra fa etí náà, tàbí kí ẹ tẹ ẹran kékeré tó wà níwájú ihò rẹ̀. Bó bá pariwo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ihò etí ló wú. Omi tó dúró síbẹ̀ ló rọ awọ ibẹ̀, tí kòkòrò fi ráyè wọlé. Ihò náà lè dí, kí omi máa ṣàn jáde, kí ọmọ má sì gbọ́ràn dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹ́ adìyẹ ro ó, ẹ má sì da àdí sí i. Ìyẹ́ yẹn gan-an ló máa ń bó awọ náà.

Ẹ gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, torí bí awọ ìlù etí bá ti lu, oògùn kan wà tí kò yẹ níbẹ̀. Oògùn kíkán sétí ni ìtọ́jú rẹ̀, ó sì sábà máa ń gba ọjọ́ 7 sí 10. Kí ọmọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 lẹ́yìn kíkán. Parasitámọ̀ yóò dín ìrora kù. Kí omi má kan etí náà títí yóò fi san.

Bí ibà bá dé, bí ẹ̀yìn etí bá wú, tàbí bí aláìsàn bá jẹ́ àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni.