Yíyan arọ́pò-orúkọ awẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe ní èdè Jámánì

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, "tí" tiwa kì í yí padà, ṣùgbọ́n tàwọn ará Jámánì ń yí, nítorí náà ìbéèrè méjì ni kí ẹ máa bi ara yín. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó ṣíwájú ló ń sọ bóyá akọ ni, abo ni tàbí kò-ṣakọ-kò-ṣabo, ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe inú awẹ́ náà ló ń sọ ipò rẹ̀. Nínú "Der Mann, dem ich helfe, wohnt hier", "Mann" ni olùwà fún "wohnt", síbẹ̀ a kò lo "der", nítorí pé "helfen" máa ń béèrè ipò dátíìfù. Bí ó bá jẹ́ "sehe" ni, "den" la ó kọ. Bí àwọn ọkùnrin náà bá pọ̀, ẹ kọ "die Männer, denen ich helfe". "Den" tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ níbẹ̀ kò tọ̀nà rárá.