Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò tíì lè kàwé: géèmù wo ni kí n rà fún un?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. Àbúrò mi fi Nintendo Switch àti Pokémon Violet ránṣẹ́ sí ọmọ mi láti London. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, kò tíì lè kàwé dáadáa. Á kàn máa tẹ A, A, A títí ọ̀rọ̀ á fi tán, kò sì ní mọ ibi tó kàn. Ẹkún ló máa ń já sí. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira, ìyá wa. Ẹ̀bi ọmọ kọ́. Kò sẹ́ni tó ń fọhùn nínú Pokémon Violet, kíkọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ọjọ́ orí tó wà lára páálí. Ìjà àti ohun tó ń dẹ́rù bani ni PEGI, àjọ tó ń fún géèmù ní nọ́ńbà yẹn, ń wò, kì í wo ìwé kíkà. Nọ́ńbà 3 ni wọ́n fún Animal Crossing: New Horizons, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: mo máa ń sọ èdè ẹ̀rọ náà di ti Japan. Ẹ lọ sí System Settings, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí System, ẹ yan Language. (Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya fọ́tò ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé o, kí ẹ lè rí ọ̀nà padà.) Ẹ wá ta géèmù náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá ṣì mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ọmọ yín náà á mọ̀ ọ́n. Kirby and the Forgotten Land ní demo ọ̀fẹ́ tí ẹ lè fi dán an wò kí ẹ tó náwó.

Ṣùgbọ́n Mario Kart 8 Deluxe ni èmi ì bá kọ́kọ́ rà. Eré ìje ni, ọmọdé kò sì nílò àlàyé kó tó mọ̀ pé kóun ṣíwájú. Níbi tí ẹ ti ń yan ọkọ̀, ẹ tẹ +, kí ẹ tan Smart Steering, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ já sí kòtò, àti Auto-Accelerate, tó ń sáré fúnra rẹ̀. 50cc, ìpele eré tó lọ́ra jù, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ó ti ń ta á, ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ òun ń ṣagídí, kò jẹ́ kóun gba ọ̀nà àbùjá. Ṣé páàdì ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Páàdì kò ṣe nǹkan kan. Smart Steering ló ń dá a padà sójú títì. Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí eriali kékeré kan níbẹ̀ tó fi hàn pé ó wà ní títàn. Ẹ pa Smart Steering, ẹ fi Auto-Accelerate sílẹ̀. Yóò já sí kòtò lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, àmọ́ géèmù náà á máa gbé e jáde.